Bí a ṣe ń ṣèdájọ́ fíìmù tàbí ìwé láì tú àṣírí rẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọ àgbéyẹ̀wò kéékèèké nípa fíìmù àti ìwé ní èdè Yorùbá fún àwọn èèyàn wa níbí ní Àjàṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí máa ń bi mí ní ìbéèrè, àwọn kan láti Kétu, àwọn kan láti Ṣábẹ̀ẹ́. Mo kó èyí tí wọ́n ń bi mí jù jọ síbí. Ọ̀kan wà láàárín wọn tó le ju àwọn yòókù lọ: kí ni kí èèyàn ṣe nígbà tó jẹ́ pé ìparí ìtàn gan-an ni àléébù rẹ̀ wà? Èyí ni mo fi àyè sílẹ̀ fún jù.

Ẹ̀gbọ́n, ta gan-an ni mò ń kọ ọ́ fún?

Ẹni tí kò tíì wò ó, tí kò tíì kà á, tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá kó wò ó tàbí kó má wò ó. Ẹ fi ọkàn rí ìyá kan tó pa ìsọ̀ rẹ̀ dé ní ọjà Wàndó lálẹ́, tó jẹun tán, tó ní wákàtí méjì kí oorun tó dé. Ohun mẹ́ta ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Irú ìtàn wo ni? Ṣé wọ́n ṣe é dáadáa? Ṣé irú èmi yìí ni yóò gbádùn rẹ̀?

Iṣẹ́ lámèyítọ́ yàtọ̀ sí èyí. Lámèyítọ́ ń bá ẹni tó ti ka ìwé náà tán sọ̀rọ̀, nítorí náà ó lè ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kó tú ìparí palẹ̀, kó sì sọ ohun tó rò nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tú àṣírí ìtàn kò ní ìkà nínú. Lámèyítọ́ ni wọ́n ń ṣe níwájú ẹni tí kò tíì ka ojú ìwé kan.

Ibo ni mo lè sọ ìtàn náà dé?

Èmi kì í kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí fíìmù bá jẹ́ wákàtí méjì, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni mo lè sọ. Bí ìwé bá ní ojú ìwé 200, mo dúró ní ojú ìwé 50. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìtàn ti bi ìbéèrè rẹ̀ tán: ẹ ti mọ ẹni tí a ń tẹ̀ lé, ẹ ti mọ ohun tó ń wá, ẹ sì ti mọ ohun tó dí i lọ́nà. Ìbéèrè ni iṣẹ́ yín. Ìdáhùn jẹ́ ti ẹni tó ni ìtàn.

Ṣùgbọ́n òfin yìí kò pé. Àwọn ìtàn kan wà tó gbin àṣírí wọn sí ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, ní ojú ìwé karùn-ún. Àwọn mìíràn pa èèyàn ní ìṣẹ́jú kẹta, ikú yẹn sì ni gbogbo ìtàn dúró lé lórí, tí ẹ kò lè ṣàlàyé nǹkan kan bí ẹ kò bá mẹ́nu kàn án. Níbẹ̀ mo máa ń bi ara mi pé: ṣé ẹni tó ṣe fíìmù náà ń fi nǹkan yìí pa mọ́ fún mi, àbí ó gbé e sí gbangba? Ohun tó gbé sí gbangba, ẹ lè sọ ọ́. Ohun tó fi aṣọ bò, kódà bó jẹ́ ìṣẹ́jú kẹta, ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ aṣọ.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìpolówó fíìmù. Àwọn tó ń gé ìpolówó fẹ́ kí èèyàn sáré wá ni, nítorí náà wọ́n máa ń fi ìran tó gbóná jù síbẹ̀, èyí tó sábà máa ń wá láti apá ìkẹyìn fíìmù.

Ṣé títú àṣírí ń ba ìtàn jẹ́ lóòótọ́? Ṣebí gbogbo wa la mọ ibi tí Ìjàpá ń parí sí.

Ìbéèrè gidi nìyí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Kí ìyá àgbà tó la ẹnu ní alẹ́ àlọ́, ọmọdé tó jókòó sílẹ̀ ti mọ̀ pé ọgbọ́n àgàbàgebè Ìjàpá yóò yí lé e lórí. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dìde. Bó ṣe máa ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè, orin tó wà láàárín rẹ̀ sì ni wọ́n fẹ́ gbè.

Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní San Diẹ́gò fi ìtàn kúkúrú 12 dán èyí wò. Wọ́n sọ ìparí fún àwọn kan ṣáájú, wọn kò sọ ọ́ fún àwọn mìíràn, wọ́n wá ní kí wọ́n fi àmì sọ bí ìtàn náà ti dùn tó. Lápapọ̀, àwọn tó ti mọ ìparí ló gbádùn rẹ̀ jù. Àwọn ìwádìí mìíràn tó tẹ̀ lé e rí òdìkejì.

Ibi tí mo dúró sí ni pé kò sí ní ọwọ́ wa láti pinnu rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó mọ ìparí lè padà wá ka ìtàn náà bí ẹni tó mọ̀. Kò sí ẹni tó lè gbàgbé ohun tí ẹ ti sọ fún un kó tún kà á bí ẹni tí kò mọ̀. Nǹkan tí kò ṣeé gbà padà ni, ìdí sì nìyí tí mo fi ń ṣọ́ra.

Mi ò sọ nǹkan kan nípa ìparí, síbẹ̀ wọ́n ní mo ti tú u. Báwo?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo kọ àgbéyẹ̀wò ìtàn àròsọ kan nípa bàbá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Mo yin èdè rẹ̀, mo sì kọ pé "ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí bàbá náà sọ fún ọmọ rẹ̀ yóò wọ̀ yín lára." Mo rò pé ìyìn lásán ni mo kọ. Ìyá kan ní àdúgbò wa ka àgbéyẹ̀wò náà, ó yá ìwé náà, ó sì wá bá mi lọ́jọ́ kẹrin. Ó ní, "Láti ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo ti ń dúró de ìgbà tí bàbá yìí máa kú. Ìwọ lo sọ fún mi." Ojú ìwé 140 ni ikú náà wà, òǹkọ̀wé sì ti ṣe gbogbo ọgbọ́n kí a lè rò pé ara rẹ̀ ń yá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ìkẹyìn", ló ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. N kò tíì gbàgbé ojú ìyá yẹn.

Láti ìgbà náà, mo máa ń ka iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan. Ẹ ṣọ́ra fún "olóògbé", fún "kó tó di pé", fún "ó rò pé". Bí ẹ bá kọ pé "ó rò pé ọ̀rẹ́ òun ni", ẹ ti sọ pé kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kọ pé òṣèré kan tó gbajúmọ̀ "kò hàn púpọ̀ ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì", ẹ ti na ìka sí i.

Èyí tó burú jù ni gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn rò pé kò léwu: "Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n títí dé òpin!" Ẹni tó ka èyí kò ní fi ara balẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó bá kọjá lójú fíìmù ni yóò máa fura sí, títí yóò fi mọ̀ ọ́n ní ìdajì. Pé ìyípadà wà nínú ìtàn gan-an jẹ́ àṣírí.

Níbo ni kí ìdájọ́ wà, báwo ló sì ṣe gbọ́dọ̀ ṣe kedere tó?

Ní ìbẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tàbí ìkejì. Ẹni tí kò ní kà ju ìlà méjì lọ gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí ẹ rò.

Nípa ìwé, mo ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta: ẹ rà á, ẹ yá a, ẹ fi í sílẹ̀. "Ẹ rà á" túmọ̀ sí pé bó bá jẹ́ 3000 sẹ̀fà, owó náà kò ṣòfò, ẹ sì tún lè kà á lẹ́ẹ̀kejì. "Ẹ yá a" túmọ̀ sí pé ó dára fún ẹ̀ẹ̀kan. Fún fíìmù, mo máa ń sọ pé ẹ lọ sanwó wò ó, tàbí ẹ wò ó bó bá bá yín nílé, tàbí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo kọ́kọ́ lo ìràwọ̀ márùn-ún, ṣùgbọ́n mo rí i pé gbogbo nǹkan ń gba mẹ́ta lọ́wọ́ mi, mẹ́ta kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dìde tàbí kó jókòó.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ta ni. "Ẹ rà á bí ẹ bá fẹ́ràn ìtàn tó ń rìn jẹ́jẹ́, bí ẹ bá fẹ́ èyí tó ń sáré, kò ní bá yín lára mu." Èyí kò sọ ìdájọ́ yín di yẹpẹrẹ. Ó ń fi í fún ẹni tó ni ín.

Àwọn ará Kétu mọ bí a ṣe ń dájọ́ ní gbangba. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lójú ọ̀sán, akọrin á dúró níwájú ìlú, á yin ẹni tó yẹ kó yìn, á sì bá ẹni tó yẹ wí. Àwàdà wà nínú rẹ̀, òwe àti àfiwé wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá ìyìn ni tàbí ìbáwí. Ẹni tó ń kọ "fíìmù yìí ní ibi tó dára, ó sì ní ibi tó kù díẹ̀ káàtó" kò tíì sọ nǹkan kan.

Ìparí fíìmù náà gan-an ni kò dára. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ láì sọ ọ́?

Kí n má baà tú àṣírí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, mo hun ìtàn kan fúnra mi tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ gbà pé fíìmù wákàtí kan àti 50 ìṣẹ́jú ni. Opó kan ń ta aṣọ ní etí ọ̀sà. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ apẹja, omi gbé e lọ, wọn kò rí òkú rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 20, lẹ́tà kan dé, ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ó ń wá ẹni tó kọ ọ́. Nígbà tí fíìmù ku 25 ìṣẹ́jú, bàbá àgbà kan tí a kò rí rí wọlé, ó jókòó, ó sì ròyìn ohun gbogbo: àbúrò opó náà ló kọ lẹ́tà náà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà fẹ́ ọkọ mìíràn, kí ilẹ̀ má baà kúrò lọ́wọ́ wọn. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n dárí jin ara wọn, fíìmù sì parí.

Ẹni àkọ́kọ́ kọ pé: "Fíìmù yìí dùn, àmọ́ bàbá kan kàn wá sọ pé ará ilé ni, ìyẹn sì bà á jẹ́." Ìdájọ́ wà níbẹ̀, àṣírí ti lọ.

Ẹni kejì bẹ̀rù. Ó kọ pé: "Fíìmù náà dùn ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ wò ó fúnra yín." Àṣírí wà nílé, ṣùgbọ́n kí ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn? Ó lè jẹ́ pé ìbànújẹ́ ló parí sí, bẹ́ẹ̀ èmi fẹ́ràn ìbànújẹ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, mo wá sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ń bi ìparí kankan. Ṣé a ṣiṣẹ́ dé ibẹ̀, àbí wọ́n kàn gbé e fún wa? Ṣé ìrìn rẹ̀ bá ìrìn ìyókù fíìmù mu? Ṣé àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣì ń hùwà bí ẹni tí a ti mọ̀? Ẹ lè dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn láì dárúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Ẹ wo bí èmi yóò ṣe kọ ọ́:

> Ẹ wò ó bó bá bá yín nílé, ẹ má sanwó lé e. Opó kan tó ń ta aṣọ ní etí ọ̀sà gba lẹ́tà kan lẹ́yìn tí omi ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ, ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀ ló sì wà lára rẹ̀. Wákàtí àkọ́kọ́ dára gan-an. Òṣèré tó ṣe opó náà kì í pariwo. Ẹ ó rí i tó ń fi lẹ́tà náà sínú ìró, tó sì ń bá oníbàárà ná ọjà lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Fíìmù náà bi wá ní ìbéèrè tó lágbára, ó sì dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà dá a lóhùn rọrùn jù fún ohun tí obìnrin yìí ti là kọjá. Ohun tí wọ́n fi wákàtí kan dì, wọ́n fi ìṣẹ́jú díẹ̀ tú u, ìbínú tó sì yẹ kó wà lójú àwọn èèyàn náà kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo fíìmù nítorí òṣèré, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí okùn ìtàn so pọ̀ dé òpin, inú yóò bí yín díẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, mo ní "ìdáhùn náà kò ti inú ohun tí a ti ń wò wá." Mo pa á rẹ́. Ìdí kan ni pé ẹni tó kà á yóò máa retí àlejò, nígbà tí bàbá àgbà náà bá sì wọlé, yóò mọ̀ pé òun nìyẹn. Ìdí kejì ni pé irọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí àbúrò náà ti wà lójú wa láti ìbẹ̀rẹ̀. "Rọrùn jù" sọ àléébù náà láì júwe ilẹ̀kùn tí àṣírí gbà wọlé.

Ẹ kíyè sí ìró náà pẹ̀lú. Ìṣe kékeré kan tí a rí lójú, láti ìdá àkọ́kọ́ fíìmù, ń ṣe ju ìyìn mẹ́wàá lọ. Ẹni tó kà á ti rí obìnrin náà. Bí ẹ bá ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fún ibi tó dára, òǹkàwé yóò gbà yín gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ibi tí ẹ kò lè fi hàn án.

Bó bá jẹ́ pé ìparí ló dára jù ńkọ́?

Ẹ yin ohun tó mú kí ìparí náà ṣeé ṣe, nítorí iwájú ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ẹ lè sọ pé òǹkọ̀wé kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, pé ohun tó dà bí àlàyé lásán ní orí kìíní kì í ṣe lásán, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Ẹ má sọ ohun náà. Ẹ sì lè sọ pé kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní ìdajì bó bá ń falẹ̀.

Kí ni kì í ṣe àṣírí rárá?

Gbogbo ohun tó kan owó, àkókò àti etí òǹkàwé. Bí fíìmù bá jẹ́ apá kìíní, tó sì dúró gbọọrọ láàárín ọ̀nà, ẹ sọ ọ́ ní ìlà kejì. Mo ti rí àwọn tó fi pa mọ́ pé kí àwọn má tú ìparí, èèyàn wá lo gbogbo alẹ́ rẹ̀ tán, ó bá ara rẹ̀ níwájú "ẹ máa retí apá kejì." Ẹ sọ ọ́.

Ẹ sọ nípa èdè náà. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tó ń dé ọ̀dọ̀ wa wá láti Nàìjíríà, ìtumọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹni tó kàwé ní Faransé kò lè rọ̀ mọ́. Ìyá kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń sọ̀rọ̀ kíákíá jù, bóyá òwe Ọ̀yọ́ pọ̀ ju èyí tí òun lè tẹ̀ lé. Bí ẹ̀jẹ̀, ìfipábánilòpọ̀ tàbí ikú ọmọdé bá wà nínú rẹ̀, ẹ kìlọ̀ láì sọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí: "ìran kan wà tí ọmọdé kò gbọ́dọ̀ wò, ní ìdajì kejì" ti tó.

Ìtàn ilẹ̀ wa ńkọ́? Gbogbo ènìyàn ló mọ bó ṣe parí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan kọ ìtàn àròsọ nípa ìdílé kan ní Kétu ní ọdún 1886. Kò sí ọmọ Kétu tí kò mọ̀ pé ọdún yẹn ni ogun Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ ìlú náà, tí wọ́n sì kó àwọn èèyàn lẹ́rú. Ìlú yóò fọ́. Ẹ lè sọ ọ́, ẹ tilẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí òjìji rẹ̀ ló wà lórí gbogbo ojú ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni nínú ìdílé náà tó gba ẹnubodè Àkábà Ìdẹ̀nà jáde, ta ni ó kù sílé, ìyẹn jẹ́ ti òǹkọ̀wé. Ohun tí ìtàn ìlú fún un jẹ́ ti gbogbo wa. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ dá, òun ló ni ín.

Òǹkọ̀wé náà jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé mo lè kọ nípa rẹ̀?

Ẹ lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ìlà kan sọ pé ẹ̀gbọ́n yín ni. Bí ẹ kò bá lè sọ àléébù rẹ̀ lójú rẹ̀, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo ti ṣe é dáadáa kí n tó gbé e jáde?

Ẹ fún ẹnì kan tí kò tíì wo fíìmù náà kó kà á. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi í. Èkíní: "Ṣé mo fẹ́ràn rẹ̀ àbí mi ò fẹ́ràn rẹ̀?" Bó bá dúró rò ó, ìdájọ́ yín kò tíì yọ, ẹ padà sí gbólóhùn àkọ́kọ́. Èkejì: "Báwo lo rò pé ó ṣe parí?" Ẹ jẹ́ kó dá a ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bó bá bá a mu, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ tó mú un rò ó bẹ́ẹ̀, yóò sì nàka sí i fún yín. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ yọ. Èmi máa ń lo àbúrò mi obìnrin, nítorí kì í ṣojú sájú, ó sì ti yọ "ìkẹyìn" lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Ẹ má fi ẹni tó ti wò ó dán an wò. Kò lè rí jíjò náà, nítorí ó ti mọ gbogbo rẹ̀.

Ẹnì kan bi mí níwájú èèyàn pé: "Ta wá ni ó kọ lẹ́tà náà?" Kí ni mo máa sọ?

Mo máa ń wo ojú àwọn tó jókòó. Bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tí kò tíì wò ó, mo pe ẹni tó béèrè sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì sọ fún un létí.